Áláàtì Dé, Owó Ò Dé: Bí O Ṣe Lè Ka Sikirinṣọ́ọ̀tì Báńkì Kí Ọjà Tó Kúrò Lọ́wọ́ Rẹ

Ká ní ò ń ta bàtà ní ẹ̀gbẹ́ Bọ́ládé, ní Òṣòdì. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkọ̀ ń fọn fèrè, àwọn kọ̀ndọ́ ń pe èrò. Kọ́sítọ́mà kan ti yan bàtà méjì, ẹ ti dúnàádúrà, ẹ fẹnu kò sí ₦45,000. Ó ní òun ò mú kéèṣì dání, òun á ṣe tiransifáà. O ka nọ́ḿbà àkáǹtì rẹ fún un. Ó tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, ó wá na fóònù náà sí ọ lójú: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti lọ o. Ẹ wò ó." Ohun tó wà lójú fóònù náà rèé:

```
Transaction Successful
Amount: NGN45,000.00
From: GTBank ****7730
To: ****4821
Date: 12 Jun 2025, 6:41 PM
Session ID: 000013250518091427000348271956
```

Ó ní òun ti fi rìsíìtì náà ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp, pé ọkọ̀ Mílè Tú tí òun fẹ́ wọ̀ ti ń kún. Ṣé wàá jẹ́ kó gbé bàtà lọ?

Mo kàn fi èyí ṣe àpẹẹrẹ ni, èmi fúnra mi ni mo to àwọn nọ́ḿbà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí o nílò láti mọ̀ pé irọ́ ni sikirinṣọ́ọ̀tì yìí ń pa ti wà nínú rẹ̀, lójú báyìí. Tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i kó o tó máa kà lọ. Tó o bá rí i, o ṣeun. Tí o ò bá rí i, fọkàn balẹ̀, a máa tó dé ibẹ̀.

Ọ̀nà tí owó ń gbà

Ká tó lè mọ irọ́, ó yẹ ká mọ bí òótọ́ ṣe rí. Nígbà tí èèyàn bá fi owó ránṣẹ́ láti báńkì kan sí báńkì mìíràn ní Nàìjíríà, owó náà kì í fò tààrà láti fóònù kan sí èkejì. Alárinà kan wà láàárín wọn, NIBSS ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, àtàwọn báńkì ló jọ ni ín. Lọ́dún 2011 ni NIBSS bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní NIP, òun ló jẹ́ kí owó lè dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ dípò kí èèyàn máa retí rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìrìn owó náà rí báyìí. Àkọ́kọ́, kọ́sítọ́mà tẹ nọ́ḿbà àkáǹtì rẹ sínú áàpù rẹ̀. Báńkì rẹ̀ á béèrè lọ́wọ́ NIBSS pé, "Ta ló ni àkáǹtì yìí?" NIBSS á bi báńkì tìrẹ, orúkọ rẹ á sì jáde lójú fóònù rẹ̀. Rántí ibí yìí o: orúkọ rẹ tó jáde kò túmọ̀ sí pé owó kankan ti rìn. Ìbéèrè lásán ni wọ́n tíì ṣe.

Lẹ́yìn náà ló máa tẹ iye owó àti nọ́ḿbà àṣírí rẹ̀. Báńkì rẹ̀ á yọ owó lára àkáǹtì rẹ̀, á sì kọ ìwé àṣẹ sí NIBSS pé kí wọ́n san án fún ẹ. NIBSS á gbé e fún báńkì rẹ. Báńkì rẹ á fi owó náà kún àkáǹtì rẹ, á wá dá èsì padà. Èsì rere tí àwọn kọ̀ǹpútà báńkì máa ń fún ara wọn kò ju òǹkà méjì lọ:

```
00
```

Ìgbà tí `00` bá ti báńkì rẹ padà wá ni owó tó dé ní tòótọ́. Lẹ́yìn èyí ni báńkì méjèèjì á wá fi áláàtì ránṣẹ́: ti kọ́sítọ́mà á sọ pé owó jáde, tìrẹ á sọ pé owó wọlé.

Tó o bá wo ìrìn yìí dáadáa, wàá rí i pé ohun tí kọ́sítọ́mà ní lọ́wọ́ láti fi hàn ẹ́, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ nìkan ló ti wá. Kódà tí kò bá purọ́ rárá, fóònù rẹ̀ kò lè rí inú àkáǹtì rẹ. Ohun tó lè sọ ni pé, "Wọ́n ti yọ owó lọ́dọ̀ mi." Ìwọ nìkan lo lè sọ pé, "Owó ti dé ọ̀dọ̀ mi." Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, inú àlàfo tó wà láàárín méjèèjì sì ni àwọn oníjìbìtì kọ́lé sí.

Ìgbà tí kéèṣì wọ́n

Ayédèrú áláàtì ti wà tipẹ́, àmọ́ ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ náà wọ ọjà wá pẹ̀lú agbára. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, CBN kéde pé àwọn máa pa àwọ̀ owó náírà dà. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 2023, kéèṣì ti wọ́n bí ojú. Àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá, àwọn tó ń ta àgbàdo sísun, àwọn ọlọ́kadà, gbogbo wọn ló di ẹni tó ń gba tiransifáà. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2023 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó dá a pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà, ni ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í tu àwọn èèyàn.

Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn tó yẹ ká ronú lé lórí. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ọlọ́jà tí wọn ò gba tiransifáà rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láìsí ẹni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì ni pé èrò pọ̀ lójú ọ̀nà tí owó ń gbà, áláàtì ń pẹ́ kó tó dé, nígbà mìíràn wákàtí á kọjá. Ojú ọ̀pọ̀ ọlọ́jà wá mọ́ gbólóhùn kan: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó máa wọlé." Òótọ́ ni gbólóhùn yìí lẹ́nu ẹni rere. Gbólóhùn yìí kan náà ni ọ̀pá tí oníjìbìtì fi ń tì ẹ́ lẹ́yìn. Lónìí, ní ọjà tó kún bíi ti Òṣòdì, tàbí ní Aṣíwání lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí gbogbo èèyàn ń kánjú, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Ka òǹkà 30 yẹn

Ó yá, ká padà sí sikirinṣọ́ọ̀tì wa. Ìlà tó kẹ́yìn ni ká lọ sí, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò rárá torí pé ó gùn, ó sì dà bí ohun tí kò nítumọ̀:

```
000013250518091427000348271956
```

Session ID ni wọ́n ń pè é. Gbogbo owó tó bá gba ọ̀nà NIP ló máa ń ní tirẹ̀, kò sì sí méjì tó jọra. Òǹkà 30 gééré ni, kì í lé, kì í dín. Kì í ṣe pé wọ́n kàn da àwọn òǹkà náà sílẹ̀ bí àgbàdo o. Apá mẹ́ta ló pín sí:

```
000013   250518091427   000348271956
```

Òǹkà 6 àkọ́kọ́ ni nọ́ḿbà ìdánimọ̀ báńkì tí owó ti jáde. Òǹkà 12 tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ àti aago tí wọ́n ṣe tiransifáà náà: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá, méjì méjì. Òǹkà 12 tó kẹ́yìn ni nọ́ḿbà tí báńkì fi ya tiransifáà yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, ìyẹn ò ní ohun tí èmi àti ìwọ lè kà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ti kọ́sítọ́mà wa. `000013` ni GTBank. Rìsíìtì náà sọ pé láti GTBank ni, ó bára mu. Ibi yìí ò léwu. Ká wá lọ sí ìkejì: `25` ni ọdún 2025. `05` ni oṣù karùn-ún. `18` ni ọjọ́ kejìdínlógún. `09` `14` `27` ni aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Dúró ńbẹ̀. Lókè, rìsíìtì sọ pé ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni, aago méje alẹ́ ku díẹ̀. Nísàlẹ̀, òǹkà sọ pé ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ni, ní òwúrọ̀. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín méjèèjì. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé rìsíìtì àtijọ́ ni. Ẹnì kan ti fi owó ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ní tòótọ́ nínú oṣù karùn-ún, bóyá ₦500 péré. Wọ́n wá fi áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe pa iye owó rẹ́, wọ́n kọ ₦45,000 sí i, wọ́n pa ọjọ́ rẹ́, wọ́n kọ ti òní, wọ́n pa nọ́ḿbà àkáǹtì rẹ́, wọ́n kọ tìrẹ. Wọn ò fọwọ́ kan òǹkà gígùn ìsàlẹ̀ nítorí wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti èyí ò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan.

Nọ́ḿbà ìdánimọ̀ àwọn báńkì àti áàpù owó tó o máa ń bá pàdé jù rèé, kó o kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé tàbí kó o fi wọ́n sínú fóònù:

```
000004  UBA
000013  GTBank
000014  Access Bank
000015  Zenith Bank
000016  First Bank
100004  OPay
100033  PalmPay
090405  Moniepoint
```

Tí rìsíìtì bá ní láti OPay ni, tí òǹkà ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `000015`, o ti mọ̀ pé àwọ̀ áàpù kan ni wọ́n ya sórí nǹkan mìíràn. Tí òǹkà náà bá jẹ́ 28 tàbí 31, ẹni tó ń to nọ́ḿbà láti orí ara rẹ̀ ló tò ó. Tí oṣù bá jẹ́ `17` tàbí wákàtí bá jẹ́ `38`, ìyẹn ò tún nílò àlàyé.

Ibi tí ọgbọ́n yìí mọ

Mi ò fẹ́ kó o rò pé òògùn ayéraye ni mo fún ẹ. Session ID lè jẹ́rìí pé rìsíìtì kan jẹ́ irọ́, àmọ́ kò lè jẹ́rìí pé rìsíìtì kan jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń kà á náà lè to èyí tó bára mu pátápátá, pẹ̀lú ọjọ́ òní àti aago ìsinsìnyí. Àwọn áàpù ayédèrú tó ń ṣe rìsíìtì fúnra wọn náà wà: wàá tẹ iye owó àti orúkọ sínú rẹ̀, á yọ àwòrán jáde tó jọ ti báńkì láti òkè délẹ̀, títí kan àwọ̀ àti lógò. Nítorí náà, tí òǹkà náà ò bá bára mu, ọ̀rọ̀ ti parí, má tú ọjà sílẹ̀. Tó bá bára mu, ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé o ò tíì rí irọ́ rẹ̀ lọ.

Ohun kejì ni pé kì í ṣe gbogbo tiransifáà ló ń gba ọ̀dọ̀ NIBSS. Tí ìwọ àti kọ́sítọ́mà bá jọ ń lo báńkì kan náà, tàbí tí ẹ jọ wà lórí OPay, inú ilé kan náà ni owó ti ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Rìsíìtì irú èyí lè máà ní Session ID, nọ́ḿbà tí báńkì náà fúnra rẹ̀ ń lò ló máa wà níbẹ̀, kò sì ní ṣe é kà bí a ṣe ka ti òkè yẹn. Má torí pé òǹkà 30 ò sí níbẹ̀ kó o pe ọmọ ọlọ́mọ lólè.

Tí áláàtì bá wọ inú fóònù tìrẹ ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á ní, "Èmi ò kì í gba sikirinṣọ́ọ̀tì, àfi kí n rí áláàtì lórí fóònù mi." Ọ̀rọ̀ náà dáa, àmọ́ kò tó.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1992 ni wọ́n fi SMS àkọ́kọ́ láyé ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣètò rẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ olùfiránṣẹ́. Àyè náà lè gba nọ́ḿbà fóònù, ó sì lè gba orúkọ tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju 11 lọ. Ìdí nìyẹn tó o fi ń rí `GTBank` tàbí `UBA` lókè áláàtì dípò nọ́ḿbà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé orúkọ yẹn dà bí orúkọ tí èèyàn kọ sí ẹ̀yìn àpòòwé lẹ́tà. Fóònù rẹ kò ní ọ̀nà kankan láti wádìí bóyá ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín. Bó ṣe rí i ló ṣe máa gbé e síwájú rẹ.

Ohun tó tún burú sí i ni pé orúkọ yìí ni fóònù fi ń to àtẹ̀jíṣẹ́ jọ. Tí ẹnì kan bá rí ọ̀nà fi `GTBank` ṣe orúkọ olùfiránṣẹ́, ayédèrú áláàtì rẹ̀ á lọ bọ́ sí abẹ́ àwọn áláàtì gidi tí báńkì ti ń fi ránṣẹ́ sí ẹ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwọ á rò pé, "Ibi tí báńkì mi máa ń kọ̀wé sí náà nìyí." Fóònù ò purọ́ fún ẹ, òun náà ni wọ́n tàn.

Àwọn tí kò rí ọ̀nà yẹn máa ń fi nọ́ḿbà lásán ránṣẹ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 tàbí 070. Ìyẹn rọrùn: báńkì kì í fi nọ́ḿbà ẹnì kan ránṣẹ́ áláàtì. Àwọn mìíràn á yí lẹ́tà kan padà, bíi kí wọ́n fi òdo sí ibi tó yẹ kí `O` wà, kí orúkọ náà lè jọ ti gidi lójú ẹni tó ń kánjú.

Àmọ́ ohun kan wà tí oníjìbìtì kò lè mọ̀ láéláé: iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ tẹ́lẹ̀. Wo áláàtì yìí:

```
Credit Alert
Acct: ******4821
Amt: NGN45,000.00 CR
Date: 12-Jun-2025 18:42
Avail Bal: NGN45,000.00
```

Ká ní ₦12,350 ló wà nínú àkáǹtì rẹ ní ọ̀sán. Tí ₦45,000 bá wọlé, ₦57,350 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Áláàtì yìí ní ₦45,000 péré ló wà. Ibo ni ₦12,350 ìyókù wà? Kò sí níbì kankan, torí ẹni tó kọ áláàtì yìí kò mọ̀ pé ó wà. Àwọn mìíràn nínú wọn mọ̀ pé ibí yìí ni wọ́n ti ń mú wọn, nítorí náà wọ́n á yọ ìlà bálánsì kúrò pátápátá, tàbí kí wọ́n fi àmì ìràwọ̀ bò ó. Tí báńkì rẹ bá máa ń kọ bálánsì sí áláàtì, tí èyí kò wá ní, ìyẹn gan-an ti jẹ́ ìdáhùn.

Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí ọlọ́jà mọ bálánsì rẹ̀ ní òwúrọ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wò ó lẹ́ẹ̀kan, kọ ọ́ sílẹ̀. Tí áláàtì bá ń wọlé, máa ròó pọ̀. Ìṣirò ìwé kẹta ni, ṣùgbọ́n oníjìbìtì ò lè bá ẹ ṣe é.

Tí kọ́sítọ́mà ò bá purọ́ ńkọ́?

A ò lè pe gbogbo èèyàn ní olè. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé báńkì kọ́sítọ́mà ti yọ owó, àmọ́ báńkì tìrẹ kò tíì dáhùn. Bóyá ẹ̀rọ wọn dákú, bóyá èrò pọ̀ lójú ọ̀nà. Ojú fóònù kọ́sítọ́mà lè kọ `Pending`, àwọn áàpù kan sì wà tó máa ń yára kọ `Successful` nígbà tí báńkì olùfiránṣẹ́ bá ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́, kí èsì ìkẹyìn tó dé. Nígbà yẹn, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tíì dé ọwọ́ rẹ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń sọ òótọ́.

Bí o ṣe máa mọ ìyàtọ̀ rèé. Má wo sikirinṣọ́ọ̀tì, àwòrán tí wọ́n ti yà tán ni ìyẹn. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde kúrò nínú áàpù yẹn, kẹ́ ẹ tún wọ inú rẹ̀ lójú mi, kẹ́ ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ àwọn tiransifáà yín sí." Tiransifáà tòótọ́ á wà níbẹ̀ láàárín àwọn mìíràn, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye. Ẹni tó ṣe tiransifáà kì í bínú sí èyí, torí òun náà fẹ́ kí owó òun dé. Ẹni tó ní áàpù òun ti kọ́, dátà òun ti tán, bátìrì òun fẹ́ kú, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fóònù kan náà ya rìsíìtì ránṣẹ́ sí ẹ, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò dúró síbì kan.

Lẹ́yìn náà, gba Session ID náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀, má gbà á bí fọ́tò. Pẹ̀lú òǹkà 30 yẹn, báńkì rẹ lè wádìí lọ́dọ̀ NIBSS bóyá owó náà wà lójú ọ̀nà. Ní ti ọjà, ẹ jọ fi orúkọ rẹ̀ sí i lára, kó wá gbé e tí owó bá dé. Ẹni tó ti san owó gidi á padà wá.

Ohun tí wàá ṣe, ní ìtòtẹ̀léra

Ìlànà tó wà lókè gbogbo, àlàyé ni. Èyí tó ń dá ẹjọ́ kò ju ọ̀kan lọ: bálánsì rẹ, tí ìwọ fúnra rẹ lọ béèrè lọ́wọ́ báńkì. Má dúró de kí báńkì wá sọ fún ẹ, ìwọ ni kó o lọ bá a. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ló lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, àmọ́ tó o bá wọ inú áàpù báńkì rẹ, kọ̀ǹpútà báńkì gan-an ló ń dá ẹ lóhùn.

Tí o ò bá ní dátà, lo USSD láti orí nọ́ḿbà tó o fi ṣí àkáǹtì:

```
*737*6*1#   GTBank
*919*00#    UBA
*894*00#    First Bank
```

Wọ́n á yọ ₦6.98 fún un. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ₦45,000, owó omi lásán nìyẹn. Tí ọmọ iṣẹ́ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù tí kò sì ní àṣẹ láti wo àkáǹtì, ẹ ṣètò pé kó pe ẹni tó lè wò ó kí ọjà tó jáde. Àìmọye ìgbà ló jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń dúró dè kí ọ̀gá kúrò ńlẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí wọ́n ń gbà, ó yẹ kó o mọ̀ ọ́n torí kò nílò ṣọ́ọ̀bù. Áláàtì ₦60,000 á wọlé, ìpè á tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú méjì: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sí yín, owó oògùn ìyá mi ni, ẹ bá mi dá a padà." Ayédèrú ni áláàtì náà, owó tìrẹ gan-an ni wàá fi "dá padà." Kódà tó o bá yẹ bálánsì wò tó o rí i pé owó wọlé lóòótọ́, má fi ọwọ́ ara rẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ḿbà àkáǹtì tí ẹnì kan kà fún ẹ lórí fóònù. Sọ fún un pé kó lọ bá báńkì rẹ̀, ìwọ náà sọ fún báńkì tìrẹ. Àwọn báńkì méjèèjì mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó padà síbi tó ti wá.

Tí ọjà bá ti lọ, má pa nǹkan kan rẹ́. Sikirinṣọ́ọ̀tì yẹn, nọ́ḿbà tó fi pè ẹ́, ọ̀rọ̀ orí WhatsApp, aago tó ṣẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rí. Pe báńkì rẹ lọ́jọ́ náà, kó o sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Òfin Nàìjíríà tọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà ṣe ayédèrú àkọsílẹ̀ kó lè dà bí ojúlówó lè fẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 3 jura, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 7 náírà. EFCC náà ti gbé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ sílé ẹjọ́ lórí ayédèrú áláàtì, ilé ẹjọ́ sì ti dá wọn lẹ́bi.

Ní ti kọ́sítọ́mà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń kún yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tó o lè bi í, kó o máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bó o ṣe ń bi í: "Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó kọjá, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ta lẹ fi owó yìí ránṣẹ́ sí?"